Ìbéèrè àti ìdáhùn: Bí sìgá ṣe ń yí ìwọ̀n òògùn ikọ́ fée àti òògùn ọpọlọ padà nínú ara, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó jáwọ́

Àwọn ará Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ tó ń lo òògùn ikọ́ fée, ìyẹn asímà tó ń mú ìmí kúrú, tàbí òògùn ọpọlọ, pẹ̀lú àwọn ẹbí tó ń bá wọn ṣètọ́jú, la kọ èyí fún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn jáwọ́ nínú sìgá la máa gbájú mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá lè ṣàìsàn nítorí òògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà?

Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé òògùn náà wà lára àwọn díẹ̀ kan. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jù ni tiofílíìnì àti amínófílíìnì tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée, àti olansápíìnì àti kilosápíìnì tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Ẹni náà kò fi hóró kan kún òògùn rẹ̀. Ohun tó yí padà ni bí ara rẹ̀ ṣe ń palẹ̀ òògùn mọ́. Òògùn tí ara ń lé jáde kíákíá nígbà tó ń mu sìgá wá ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ti òní ń gun orí ti àná, títí yóò fi pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni máa mu sìgá lọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹni tó ń kọ òògùn fún yín mọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáwọ́, kí ó lè dín òògùn kù lásìkò.

Kí ni sìgá ń ṣe sí òògùn gan-an?

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ òògùn ti ń túká kó tó jáde lára. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àwọn òògùn tó ń bójú tó. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni wọ́n ń pè ní CYP1A2. Nígbà tí tábà bá ń jóná, èéfín rẹ̀ máa ń kó àwọn èròjà kan tó jọ ọ̀dà wọ inú ara, àwọn èròjà wọ̀nyí ló sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe CYP1A2 púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti pọ̀, òògùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa tètè túká.

Ẹ wo àgbá omi tó ń jò nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí omi dúró sí àárín, ẹ ní láti máa pọn púpọ̀ sí i. Bí ẹnìkan bá wá dí ojú ihò náà lóru, tí ẹ ò sì mọ̀, iye korobá tí ẹ ń dà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò mú kó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Òògùn tí dókítà kọ fún ẹni tó ń mu sìgá jẹ́ òògùn tó ti ka ti jíjò náà kún un, bóyá dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀, torí pé ńṣe ló ń fi kún un títí tó fi rí i pé ó ṣiṣẹ́.

Ṣé nikotíìnì ló ń ṣe é? Aáṣáà ńkọ́? Igbó ńkọ́?

Nikotíìnì kọ́. Èéfín ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn.

Aáṣáà, yálà ti imú tàbí ti ẹnu, kò ní èéfín, nítorí náà kì í fi kún ẹ́ńsáìmù yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀ tó wá bọ́ sórí wọn ti jáwọ́ pátápátá lójú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nikotíìnì ṣì wà lára rẹ̀. Sìgá oníbátìrì tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà báyìí náà kì í jó tábà, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ sìgá sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tún òògùn rẹ̀ wò bíi ti ẹni tó jáwọ́.

Igbó yàtọ̀. Ewé tó ń jóná ni, èéfín rẹ̀ sì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ń mu sìgá pẹ̀lú igbó, tó wá jáwọ́ nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ni òògùn rẹ̀ lè gòkè jù. Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Kò bi yín kó lè mú yín lọ sí tẹ́ṣàn.

Òògùn wo ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn?

Risperidóònù àti lítíọ́ọ̀mù kò sí lára wọn, torí ọ̀nà mìíràn ni ara ń gbà lé wọn jáde. Haloperidóòlù àti kilopúrómásíìnì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lára ẹni tó ń mu sìgá, ṣùgbọ́n kò le tó ti olansápíìnì, kilosápíìnì ló sì le jù nínú gbogbo wọn.

Ní ti ikọ́ fée, èyí tí ẹ ń fín sẹ́nu, irú sabutamóòlù, kò sí lábẹ́ CYP1A2, kò sì sí ìdí láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà nítorí èyí. Nǹkan mìíràn ni pé sìgá máa ń jẹ́ kí òògùn sítẹ́róọ̀dù tí wọ́n ń fín sínú ẹ̀dọ̀fóró má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn kò bá ẹ̀dọ̀ tan. Ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti bà jẹ́ ni kì í gbọ́ràn sí sítẹ́róọ̀dù lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ jíjáwọ́ nínú sìgá máa ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé tiofílíìnì lè wà nínú òògùn tí orúkọ rẹ̀ kò fi hàn. Àwọn hóró kan wà tí wọ́n ń tà fún ikọ́ àti ìmí kíkúrú ní kẹ́míìsì, tí wọ́n po tiofílíìnì àti ẹfẹdíríìnì pọ̀ sínú wọn. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí apòògùn kà á fún yín.

Ẹyọ díẹ̀ ni mò ń mu lójúmọ́. Ṣé ó kàn mí? Tí mo bá sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kò gba páálí kan kí ẹ̀dọ̀ tó gba àṣẹ. Láti nǹkan bí ẹyọ 7 sí 12 lójúmọ́, ipa sìgá lórí kilosápíìnì àti olansápíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó. Ẹyọ tó bá kọjá ìyẹn kò fi nǹkan púpọ̀ kún un mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń mu 20 tó dín in sí 12 lè máà rí ìyàtọ̀ kankan nínú òògùn rẹ̀. Á wá rò pé ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún òun kò kan òun. Ìgbà tó bá wá dín 12 yẹn sí 3, tàbí tó fi í sílẹ̀ pátápátá, ni òògùn yóò gòkè, ní àkókò tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tí kò sì ṣọ́ra mọ́. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ ń dín in kù, apá ìsàlẹ̀ yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù, láti ẹyọ bíi 10 sí òdo. Ibẹ̀ ló yẹ kí àyẹ̀wò àti dídín òògùn kù bọ́ sí.

Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kí ó tó hàn?

Kò pẹ́ rárá. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀, ìdajì ẹ́ńsáìmù tí sìgá fi kún un ti lọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ 7, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí i bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́.

Mekáníìkì ni, ó ń gbé ní Ìgbógbó. Ó ti ń lo olansápíìnì 20 mílígírámù lálaalẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ń mu nǹkan bí ẹyọ 20 lójúmọ́. Olansápíìnì máa ń jáde lára ẹni tó ń mu sìgá kíákíá ju ti ẹni tí kì í mu lọ ní nǹkan bí 40 nínú 100. Ìyẹn ni pé 20 tó ń gbé mì nígbà tó ń mu sìgá, bíi 28 ni yóò rí nínú ara rẹ̀ tó bá ti jáwọ́.

Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ohun tó ń yí padà nínú òògùn kò tíì hàn. Inú ń bí i, sìgá ń wù ú, oorun rẹ̀ kò já geere. Àìrí sìgá ni ìyẹn. Láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nǹkan á yí padà. Ìyàwó rẹ̀ á ṣàkíyèsí pé ó ń sùn kọjá àkókò, pé wọ́n jí i láàárọ̀ tí ojú rẹ̀ kò là. Tó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lè máa rìn bí ẹni tí ara rẹ̀ gan, ó lè máa jẹun ṣáá, ó sì lè sùn lọ sídìí mọ́tò tó ń tún ṣe. Olansápíìnì fúnra rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ kan àti wákàtí díẹ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyẹn tó fi lè máa gòkè lọ wọ ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbogbo ilé ti rò pé ewu ti kọjá.

Bí dókítà rẹ̀ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò dín in kù ní ìdá mẹ́rin, láti 20 sí 15, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 15 tó fi 40 nínú 100 lé e jẹ́ 21. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ìwọ̀n tó ń lò kéré sí i, iṣẹ́ tí òògùn ń ṣe kò dín kù.

Ẹni tó bá wà lórí kilosápíìnì, tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òògùn náà lè fi ìdajì gòkè tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òògùn tó lè fa gìrì bó bá pọ̀ jù ni, tó sì lè mú ìgbẹ́ gbẹ títí tí ìfun á fi dí. Ìlànà tí àwọn dókítà ọpọlọ ń tẹ̀lé ni kí wọ́n yẹ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wò kí èèyàn tó jáwọ́, kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò yìí, ojú ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín dá kilosápíìnì dúró nítorí ẹ̀rù. Bó bá ti kọjá wákàtí 48 tí ẹ kò lò ó, ẹ kò gbọdọ̀ padà sí ìwọ̀n yín àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 12.5 mílígírámù ni wọn yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì tàbí kí ọkàn dáwọ́ dúró.

Òògùn ikọ́ fée tí mò ń gbé mì ńkọ́?

Tiofílíìnì ni òògùn tí àyè rẹ̀ há jù nínú gbogbo èyí tí a ti ń sọ. Ìwọ̀n tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láti 10 sí 20 mílígírámù nínú lítà kan, kò jìnnà sí ìwọ̀n tó ti ń di májèlé. Láti 20 sókè ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ara àwọn mìíràn kì í sì gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹni tí kì í mu sìgá, nǹkan bí wákàtí 8 ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde. Nínú ẹni tó ń mu sìgá, ó ń lọ sí nǹkan bí wákàtí 4 sí 5.

Ká ní ìyá kan wà ní Ìjedé tó ń mu sìgá, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 12, tó dára. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tó jáwọ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan òògùn náà, 12 yẹn lè ti di bíi 19. Kò tíì kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ó ti dé etí bèbè. Èébì á máa gbé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, kò ní rí oorun sùn. Ohun tí dókítà máa ń ṣe ni kó dín òògùn náà kù ní ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì tún wò ó lẹ́yìn ìgbà náà, torí ìyípadà tiofílíìnì lè máa lọ díẹ̀díẹ̀ fún àkókò gígùn sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá àìrí sìgá ló ń dà mí láàmú tàbí òògùn ló ti pọ̀ jù?

Méjèèjì ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀.

Àìrí sìgá máa ń le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀. Òògùn tó ń pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń le sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ẹni tí sìgá ń wù máa ń gbóná, kì í lè jókòó síbì kan, ebi ń pa á. Ẹni tí olansápíìnì tàbí kilosápíìnì ti pọ̀ jù fún máa ń wúwo: oorun, òòyì, itọ́ tó ń dà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ìgbẹ́ tí kò wá.

Ti tiofílíìnì ló ṣòro jù, torí àìsùn àti ìgbọ̀nrìrì jọ ti àìrí sìgá. Ẹ wo ìlù ọkàn. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ ẹni náà lórí ìjókòó, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọkàn ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá máa ń rọra lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ńṣe ló ń sáré, tó ju 100 lọ lórí ìjókòó, tí èébì sì wà níbẹ̀, ẹ má pè é ní àìrí sìgá. Ẹ má jẹ́ kó lo tiofílíìnì tó kàn kó tó bá dókítà sọ̀rọ̀.

Bí gìrì bá mú un, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí ó ń bì léraléra, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Ẹ kó gbogbo páálí òògùn rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó mu sìgá kẹ́yìn.

Mo ti fi obì rọ́pò sìgá. Ṣé ó burú?

Kì í ṣe pé ó burú, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù. Kaféènì wà nínú obì àbàtà àti gbànja, bó ṣe wà nínú kọfí àti nínú ohun mímu amáragbéde tí àwọn awakọ̀ ń mu ní gáréèjì. CYP1A2 kan náà ló ń palẹ̀ kaféènì mọ́. Nígbà tí ẹ ń mu sìgá, ara yín ń tètè lé e jáde. Tí ẹ bá ti jáwọ́, kaféènì inú obì kan á máa ṣiṣẹ́ bíi ti méjì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó jáwọ́ ló ń jẹ obì púpọ̀ sí i kí ẹnu má bàa dilẹ̀. Wọn ò ní sùn, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á ní àìrí sìgá ló fà á, wọ́n á sì padà sí sìgá. Ìdajì ohun tí ẹ ń jẹ tàbí tí ẹ ń mu tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó wà lórí kilosápíìnì, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kaféènì àti kilosápíìnì ń du ẹ́ńsáìmù kan náà, kaféènì púpọ̀ sì lè mú òògùn náà gòkè. Ẹni tó wà lórí tiofílíìnì náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí kaféènì àti tiofílíìnì jọ ń mú ọkàn sáré.

Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ sọ pé ẹ ń mu sìgá, iye ẹyọ, àti ìgbà tí ẹ mu ún kẹ́yìn, kódà bí wọn ò bá bi yín. Ẹni tí wọ́n gbà sórí bẹ́ẹ̀dì kò ní àyè láti mu sìgá mọ́, nítorí náà ọjọ́ tó wọlé ni ọjọ́ tó jáwọ́, bóyá ó pinnu bẹ́ẹ̀ tàbí kò pinnu. Ìtìjú máa ń mú kí àwọn obìnrin pa á mọ́, pàápàá bí ìyá ọkọ bá jókòó tì wọ́n. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ní kí àwọn èèyàn jáde fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: «Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró níta díẹ̀, a fẹ́ yẹ aláìsàn wò.»

Nǹkan méjì mìíràn sì máa ń kún un ní ilé ìwòsàn. Àkọ́kọ́ ni pé àìsàn tó le, tó ń mú ara gbóná, irú àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró, máa ń dín iṣẹ́ CYP1A2 kù fúnra rẹ̀. Ìkejì ni òògùn sipirofilosásíìnì, tí gbogbo wa mọ̀ sí síprò, tó máa ń di ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá Ìjedé wa tí tiofílíìnì rẹ̀ ti di 19. Bí ibà bá mú un, tí ọmọ rẹ̀ ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, tó sì lọ ra síprò fún un ní kẹ́míìsì, tiofílíìnì yóò kọjá 20 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Sìgá tó fi sílẹ̀, ara gbígbóná, àti síprò ti pé lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti gbé òògùn rẹ̀ sókè. Irú èyí ló ń gbé èèyàn wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú gìrì, tí wọ́n á máa wá gìrì láti ibòmíràn.

Ẹ má ra síprò tàbí eritiromáísíìnì láìjẹ́ pé apòògùn mọ̀ pé ẹ wà lórí tiofílíìnì. Fún olansápíìnì àti kilosápíìnì, síprò ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù.

Ṣé ààwẹ̀ Ramadan tàbí lílọ sórí òkè àdúrà kàn án?

Lílọ sórí òkè fún ọjọ́ 7 láìmu ẹyọ sìgá kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tí èèyàn jáwọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mekáníìkì Ìgbógbó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Oorun àsùnpiyè lórí ẹní lẹ́yìn ọjọ́ 4 tàbí 5 kì í ṣe ti ẹ̀mí bó bá ń lo òògùn. Kí ẹni tó ń lọ sọ fún dókítà rẹ̀ ṣáájú.

Ti Ramadan, ẹ ka iye ẹyọ tó ń mu láàárín ìṣínu sí sàárì. Bó bá ṣì ń mu 10 lóru, kò sí ìyípadà tó tó nǹkan. Bó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ó ti dà bí ẹni tó jáwọ́.

Mo ti padà sí sìgá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ́ńsáìmù á tún pọ̀, òògùn tí wọ́n dín kù kò sì ní tó mọ́. Fún ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ, ohùn tí kò gbọ́ mọ́ lè tún máa dún, oorun lè sá, ìfura lè padà. Fún ẹni tó ní ikọ́ fée, ìmí á tún máa kúrú lóru. Àwọn ẹbí sábà máa ń ní kò lo òògùn ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè sìgá kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kàn án. Dókítà á gbé òògùn náà padà sókè díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó wà nígbà tó ń mu sìgá.

Yábàá ni mo ti ń gba òògùn, ó sì di oṣù mélòó kan kí n tó padà lọ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa jáwọ́ bá ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà mu, kí ẹ má kàn dìde ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ ju páálí nù. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ sọ pé: «Dókítà, mo fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹyọ báyìí ni mò ń mu. Èwo ni kí n dín kù nínú òògùn mi, láti ọjọ́ wo?» Ẹ ní kó kọ ìwọ̀n tuntun náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù kílíníìkì náà. Kí ẹnìkan nínú ilé máa kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: wákàtí tí ẹ fi sùn, ìlù ọkàn ní ìṣẹ́jú kan, àti bóyá ẹ yàgbẹ́. Bí ara bá yí padà kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ lè mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú, kí dókítà ibẹ̀ rí i, kó sì bá kílíníìkì yín sọ̀rọ̀.

Èéfín sìgá ẹlòmíràn ńkọ́? Èéfín igi nídìí ẹja?

Èéfín sìgá tí wọ́n ń fẹ́ sí èèyàn lára lójoojúmọ́ nínú yàrá kan náà lè mú kí tiofílíìnì tètè jáde díẹ̀, pàápàá lára ọmọdé. Èéfín igi àti ẹran tí wọ́n sun lórí èédú ní irú àwọn èròjà kan náà nínú. Ẹ má yí òògùn yín padà nítorí wọn, àmọ́ ẹni tó ń yan ẹja lójoojúmọ́ lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà.

Dókítà ti ní kí n dín òògùn kù, ṣùgbọ́n hóró tó wà nílé kò ṣe é pín. Kí ni mo máa ṣe?

Fún olansápíìnì, ẹ ra hóró oní-10 àti oní-5, kí ẹ lè lo ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe 15. Kò sí ìdí láti máa fi ọ̀bẹ gé oní-20.

Tiofílíìnì tó ń rọra túká jálẹ̀ wákàtí 12 ni ẹ kò gbọdọ̀ lọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ rún un lẹ́nu, ẹ kò sì gbọdọ̀ fọ́ ọ bí kò bá jẹ́ pé apòògùn ní ilà tó wà lára rẹ̀ gba kí wọ́n pín in. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, òògùn wákàtí 12 ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn á sì burú ju ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ dín kù lọ. Ẹ mú páálí náà padà lọ sí ọ̀dọ̀ apòògùn, kó bá yín wá èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré.